Ibà tí ò gbọ́ oògùn: ohun tí ẹ máa ṣe ní ọsibítù jẹ́nẹ́rà bí ẹ bá fura sí Lásà

Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà kéékèèké máa ń pè mí láti Kàbà, láti Ìsánlú, láti Ẹ̀gbẹ́, ìbéèrè kan náà ló sì máa ń wà lẹ́nu wọn: “Ẹ̀gbọ́n, a ti fún aláìsàn yìí ní oògùn ibà, a ti fún un ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò, ara rẹ̀ ṣì ń gbóná. Ó ń jọ Lásà lójú wa. Kí la máa ṣe kí èsì tó dé?”

Ìdáhùn mi rèé lójú kan. Ọsibítù tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí gbogbo wa mọ̀: omi ò yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, iná ń ṣe ségesège, nọ́ọ̀sì méjì ló ń ṣọ́ odindi wọ́ọ̀dù lóru. Láti ìṣẹ́jú tí ẹ bá fura ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, ibi tí ọkọ̀ bá ti gbé aláìsàn lọ sí ibùdó ìtọ́jú Lásà ní Ọ̀wọ̀ tàbí Írúà ni mo máa dúró sí. Mi ò ní kọ ìwọ̀n ribafírìn síbí. Ibùdó ìtọ́jú ló ń fún ènìyàn, nítorí ó máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa, ó sì ń fẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́. Ohun tó kàn yín nínú rẹ̀ ni pé ó ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 6 àkọ́kọ́ tí àìsàn mú ènìyàn. Ọjọ́ tí ẹ bá fi ṣòfò lọ́dọ̀ yín, inú ọjọ́ 6 yẹn lẹ ti mú un.

Ẹ má dúró de ẹ̀jẹ̀

Orúkọ tí wọ́n fún irú ibà yìí, ibà tó ń da ẹ̀jẹ̀, ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí Lásà ń mú kì í da ẹ̀jẹ̀ rárá. Tí ẹ bá ń retí kí ẹ̀jẹ̀ yọ ní eyín tàbí níbi tí ẹ ti gún abẹ́rẹ́ kí ẹ tó wọ ìbọ̀wọ́, ó ti pẹ́ fún aláìsàn, ó sì lè ti pẹ́ fún ẹ̀yin náà. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀: ara gbígbóná, orí fífọ́, ara ríro, àárẹ̀. Ibà ẹ̀fọn gan-an ló jọ.

Ẹ fura bí ara bá gbóná tó 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ojúlówó oògùn ibà àti apakòkòrò kò sì mú un rọlẹ̀ láàárín wákàtí 48, àgàgà tí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá tẹ̀ lé e:

- ọ̀nà ọ̀fun ń dun aláìsàn débi pé itọ́ kò ṣe é gbé mì
- àyà ń dùn ún lẹ́yìn eegun igbá-àyà
- èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru tí kò dáwọ́ dúró
- ojú àti ọrùn wú, kò sì yún un
- etí kan tàbí méjèèjì di lójijì
- purotéènì pọ̀ nínú ìtọ̀ nígbà tí ẹ fi pákó àyẹ̀wò bọ̀ ọ́
- oyún bàjẹ́ pẹ̀lú ara gbígbóná

Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀ tó fún ìfura ní òun nìkan, kódà bí kò bá sí nǹkan mìíràn.

Ẹ má bi aláìsàn pé, “Ṣé eku wà nílé yín?” Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ilé òun dọ̀tí. Ẹ béèrè báyìí: Níbo lẹ ń kó gààrí sí, ṣé ó ní ìdérí? Ṣé orí àpáta tàbí etí títì lẹ ń sá èlùbọ́ sí? Nígbà tí wọ́n dáná sun igbó, ṣé ẹ rí ẹran díẹ̀ jẹ? Ta ló ṣàìsàn tàbí tó kú nínú ẹbí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ta ló sì wẹ òkú náà? Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó bọ́ sórí oúnjẹ ni àrùn náà ń gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni pípa eku àti bíbó o. Láti ara ènìyàn sí ènìyàn, inú ẹ̀jẹ̀, èébì, ìtọ̀ àti omi ara mìíràn ló ń gbà.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù: wọ́n ṣe àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn, ó jáde pé ó wà, gbogbo ènìyàn bá mí kanlẹ̀. Ní agbègbè wa, kòkòrò ibà ẹ̀fọn lè wà lára ẹni tí Lásà ń pa lọ. Ẹ tọ́jú ibà ẹ̀fọn náà, ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ ju ìfura nù.

Aláìsàn tí a máa bá rìn

Mo pa aláìsàn yìí pọ̀ láti ara ọ̀pọ̀ tí mo ti rí, kí ẹ má wá ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kiri. Ó jẹ́ obìnrin ọmọ ọdún 34 láti abúlé kan lẹ́yìn Ìyàrà, kílò 60, gààrí ló ń yan tà. Ọjọ́ kìíní, ara gbóná, ó ra oògùn ibà ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísì. Ọjọ́ kẹrin, wọ́n fà á ní omi ní kílíníìkì kan, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò. Ọjọ́ kẹfà, aago méje àárọ̀, ọkọ rẹ̀ fi ọ̀kadà gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ara rẹ̀ jẹ́ 39.1°C, ọkàn ń lù ní ìgbà 128 ní ìṣẹ́jú, ìfúnpá 80/50, ó ń mí ní ìgbà 26, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 92%. Ọ̀fun rẹ̀ pupa fòò. Purotéènì inú ìtọ̀ jẹ́ +++. Àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn: ó wà. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbì kankan.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́

1. Ẹni tó kọ́kọ́ fura ni kó sọ ọ́ sókè, ì báà jẹ́ ẹni tó ń gba káàdì. Ẹ sún sẹ́yìn tó mítà kan, kí ẹ sì máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀ títí ẹ ó fi wọṣọ ààbò.
2. Ẹ gbé e lọ sí yàrá tirẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ lo igun ìparí wọ́ọ̀dù, kí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jìnnà tó mítà méjì sí ti ẹnikẹ́ni, kí aṣọ tàbí nǹkan ìdínà kan sì wà láàárín. Garawa tirẹ̀ ni kó máa lò, kí ó má lọ sí ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbò.
3. Ẹ ya tẹmómítà, ohun ìwọn ìfúnpá àti sitẹtosikóòpù kan sọ́tọ̀. Wọn kò ní jáde nínú yàrá yẹn mọ́.
4. Ẹ yan nọ́ọ̀sì méjì péré fún ìgbà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ so ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé kọ orúkọ àti aago tó wọlé.
5. Ẹ pe ọ̀gá tó ń ṣọ́ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Bí fóònù rẹ̀ kò bá wọlé, 6232 ni nọ́ḿbà ọ̀fẹ́ àjọ tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà. Ìfura ti tó láti pè. Ẹ má dúró de èsì.

Ohun tó máa fún yín ní wàhálà jù ni àwọn ẹbí. Lọ́dọ̀ wa, ìyá tàbí àbúrò aláìsàn ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń da garawa nù, òun ló ń fọ aṣọ. Tí ẹ bá kàn lé wọn jáde, wọn á gba ojú fèrèsé wọlé ní alẹ́. Ẹ fún ẹnì kan níṣẹ́: kí ó máa gbé oúnjẹ wá sí ẹnu ọ̀nà, kí ó jókòó sí ibi tí aláìsàn lè máa rí i láti fèrèsé, kí ẹ sì máa sọ bí nǹkan ṣe ń lọ fún un láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ ṣàlàyé fún un pé aṣọ aláìsàn kò ní lọ sílé. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìjà ẹnu ọ̀nà ti dín kù gan-an.

Wíwọ ààbò kò le, bíbọ́ ọ ló ń kó àrùn ran ni

Ẹ wọ bàtà rọ́bà, ìbọ̀wọ́ àkọ́kọ́, gáùn tí omi kì í là kọjá, ìbomú, ìbojú, épírọ́ọ̀nù, kí ẹ wá fi ìbọ̀wọ́ kejì bo etí apá gáùn. Ìbomú lásán tó fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Tí ẹ bá fẹ́ fa itọ́ lọ́nà ọ̀fun tàbí ki rọ́bà sí ọ̀nà èémí, N95 ni kí ẹ lò.

Ibi ìbọ́ṣọ ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kejì dúró ní òdì kejì, kó máa ka ìgbésẹ̀ sókè fún yín bí ẹni ń ka ìwé fún ọmọdé:

1. Fọ ọwọ́ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lára. Bọ́ épírọ́ọ̀nù.
2. Fọ ọwọ́. Bọ́ ìbọ̀wọ́ òde.
3. Fọ ọwọ́. Bọ́ gáùn láti èjìká, máa ká a sínú bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀.
4. Fọ ọwọ́. Bọ́ ìbojú láti ẹ̀yìn orí, má fọwọ́ kan iwájú rẹ̀.
5. Fọ ọwọ́. Bọ́ ìbomú láti ẹ̀yìn náà.
6. Fọ bàtà. Bọ́ ìbọ̀wọ́ inú, kí o sì fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ lásán.

Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni pé oòrùn ń mú, òógùn ń wọ ojú, ènìyàn á fi ìbọ̀wọ́ ẹlẹ́gbin nu iwájú orí. Ẹ má kọjá wákàtí kan nínú aṣọ yẹn lẹ́ẹ̀kan. Kó gbogbo iṣẹ́ jọ kí ẹ tó wọlé: omi ìfàsára, oògùn, omi mímu, ìwé àkọsílẹ̀. Bí épírọ́ọ̀nù bá tán, ẹ gé ike ńlá tí ó nípọn síbẹ̀. Bí ìbọ̀wọ́ kò bá sí rárá, ẹ má fi ọwọ́ lásán kan aláìsàn, bó ti wù kó máa pariwo tó.

Bílíìsì: ẹ ka ìdá tó wà lára ìgò

Oríṣi méjì lẹ nílò. 0.5% wà fún ẹ̀jẹ̀, èébì, garawa ìgbẹ́, ilẹ̀ àti òkú. 0.05% wà fún rírẹ aṣọ àti fífọ ìbọ̀wọ́ tó wà lọ́wọ́. Bí ẹ ṣe máa ṣírò 0.5% rèé: ìdá ara ìgò ÷ 0.5, kí ẹ yọ 1 kúrò. Iye tó kù ni ife omi tí yóò bá ife bílíìsì kan. Ìgò 3.5%: ife 1 sí ife omi 6. Ìgò 5%: ife 1 sí ife omi 9. Bó bá jẹ́ ti ẹlẹ́tù tí ó jẹ́ 70%, gíráàmù 7 sí lítà omi kan. Láti rí 0.05%, ẹ mú ife 1 nínú 0.5% náà, ẹ fi ife omi 9 sí i.

Ẹ pò ó tuntun lójoojúmọ́, ẹ dé e. Ẹ má pò ó mọ́ ọṣẹ olóòórùn tàbí ásíìdì, èéfín rẹ̀ ń pa ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má sì fi ẹ̀rọ fín in sórí ẹ̀jẹ̀, nítorí ó máa ń fọ́n ọn ká ni. Aṣọ ni kí ẹ fi bo ẹ̀jẹ̀ náà, ẹ da 0.5% lé e, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó nù ún.

Omi ara: ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe púpọ̀ jù tàbí kéré jù

Kò sí oògùn tí yóò rọ́pò èyí. Aláìsàn Lásà ń sọ omi nù nípa èébì àti ibà, bẹ́ẹ̀ sì ni òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń jò. Tí ẹ kò bá fún un ní omi, kíndìnrín á kú. Tí ẹ bá rọ́ ọ kún un, ẹ̀dọ̀fóró á kún.

Fún obìnrin wa, kánúlà kan ni a fi sí i, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ló fi í, ẹnì kan sì di apá aláìsàn mú kí abẹ́rẹ́ má baà gún ẹnikẹ́ni. A fún un ní mílílítà 500 Ríńgà Lákítéètì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìfúnpá di 86/54, ọkàn 120, ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró mọ́. A fún un ní 500 kejì. Ìfúnpá di 96/60, ọkàn 110, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Dókítà kékeré tó wà níbẹ̀ ní kí a so ìkẹta. Mo ní kí a kọ́kọ́ ka mímí rẹ̀: ó ti kúrò ní 26, ó ti di 32, a sì ń gbọ́ ìró bí iyọ̀ inú epo gbígbóná ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lápá méjèèjì. Àmì ìdádúró nìyẹn. A dá a dúró, a gbé e jókòó, a fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí imú rẹ̀ títí ó fi dé 94%, a sì fi omi iyọ̀-òun-ṣúgà fún un mu ní ìmu díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo dírípù kọ̀ọ̀kan, nǹkan mẹ́ta péré ni kí ẹ wò: ìfúnpá, iye ìgbà tó ń mí, àti ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Lẹ́yìn náà ẹ máa wọn ìtọ̀. Ó yẹ kó tó mílílítà 0.5 fún kílò kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan. Fún kílò 60, 30 ni ní wákàtí, tàbí 120 ní wákàtí mẹ́rin. Tiwa ṣe 45 péré ní wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn tí ìfúnpá ti gòkè. Kì í ṣe omi ló kù mọ́ nígbà yẹn, kíndìnrín ló ń kùnà. Ìyẹn gan-an ló yẹ kí ẹ sọ lórí fóònù fún ibùdó ìtọ́jú, kí wọ́n lè gbára dì láti fọ ẹ̀jẹ̀. Bí ìfúnpá bá sì kọ̀ láti gòkè lẹ́yìn omi, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn nípa adirẹnalínì kí ẹ tó tún so omi mìíràn.

Ẹ wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Tirẹ̀ jẹ́ 54 mg/dL ní ọ̀sán, a rọra fún un ní mílílítà 50 dẹkisitirósì 50% láti inú òpó.

Nípa oògùn, ẹ máa fún un ní èyí tó ń pa ibà ẹ̀fọn bí ó bá wà, àti sẹfitiráásóònù gíráàmù 2 lóòjọ́ nínú òpó ẹ̀jẹ̀ títí èsì yóò fi dé, nítorí ó lè jẹ́ kòkòrò mìíràn ló fà á. Parasitámọ̀ọ̀lù tó fún ibà àti ìrora. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fún un ni:

- dáíkílófẹ́nàákì, ibupurófẹ́ẹ̀nì àti asipirínì: wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́
- jẹntamáísìnì: kíndìnrín náà ni
- abẹ́rẹ́ ìdí irú èyíkéyìí

Ẹ ṣe àyẹ̀wò oyún fún gbogbo obìnrin tó bá ṣì lè bímọ. Lásà nínú oṣù mẹ́ta ìparí oyún burú ju gbogbo rẹ̀ lọ, fún ìyá àti ọmọ. Omi ọmọ àti ibi ọmọ kún fún fáírọ́ọ̀sì, nítorí náà bí ìrọbí bá bẹ̀rẹ̀, ẹ wọ ààbò tó kún kí ẹ tó sún mọ́ ọn.

Gbígba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ gbà á, pẹ̀lú àyẹ̀wò mìíràn tó bá pọn dandan. Mílílítà 4 sí 5 nínú ìgò onídèérí àlùkò. Ẹ nu òde ìgò pẹ̀lú 0.5%, ẹ fi òwú tó lè fa omi yí i ká, ẹ fi sínú ike kejì tó ní ìdérí líle, kí ẹ wá gbé e sínú páálí tàbí kúlà kẹta tó ní yìnyín. Ẹ kọ ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ láàbù yín pé ìfura Lásà ni kí ó tó ṣí ìgò kankan. Mo mọ ọsibítù kan tí wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń yí i kí ẹnikẹ́ni tó rántí sọ.

Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ àìsàn, tí èsì sì ní kò sí, ẹ tún un gbà lẹ́yìn wákàtí 72. Títí dìgbà náà, aláìsàn ò ní kúrò nínú yàrá rẹ̀.

Gbígbé e lọ

Láti Kàbà, ọ̀nà Ìkàrẹ́ ló lọ sí Ọ̀wọ̀. Írúà ní Ẹdó ni ibùdó kejì. Ẹ pè kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì gbọ́ “ẹ máa bọ̀” lẹ́nu dókítà, kì í ṣe lẹ́nu ẹ̀ṣọ́. Ẹ má gbé aláìsàn tí ìfúnpá rẹ̀ ṣì wà ní 80 sójú ọ̀nà. Ẹ má gbé e sínú ọkọ̀ akérò. Dókítà mìíràn á fún ẹbí ní ìwé kó sì ní kí wọ́n wá mọ́tò fúnra wọn. Bí àrùn ṣe ń dé abúlé mẹ́ta lọ́jọ́ kan nìyẹn. Kí awakọ̀ má fọwọ́ kan aláìsàn, kí nọ́ọ̀sì kan tó wọ ààbò bá a lọ, kí ike èébì àti bílíìsì sì wà nínú ọkọ̀.

Ti obìnrin wa gbéra ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ìfúnpá 100/64. Ìwé tó bá a lọ kò ju ojú kan: ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, iye omi tó gbà, iye ìtọ̀ tó tọ̀, oògùn tó ti lò, àti pé àyẹ̀wò oyún kò rí nǹkan.

Bí aláìsàn bá kú lọ́dọ̀ yín, kí ẹbí má wẹ òkú. Ẹ fi 0.5% nu àpò òkú lóde, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró lókèèrè gbàdúrà, kí wọ́n sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sin ín.

Bí ẹ̀jẹ̀ tàbí abẹ́rẹ́ bá kan òṣìṣẹ́

1. Dá iṣẹ́ dúró, jáde, bọ́ṣọ bí a ṣe ń bọ́ ọ. Má sáré.
2. Fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú ni, omi mímọ́ nìkan, fún ìṣẹ́jú 15. Má fún ojú egbò, má da bílíìsì lé e.
3. Sọ fún ọ̀gá ní ọjọ́ yẹn gan-an. Fún gígún abẹ́rẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ tó wọ ojú, ibùdó ìtọ́jú lè fún ni ní ribafírìn oníhóró. Àwọn ló máa pinnu.
4. Wọn ara lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 21, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Gbogbo orúkọ tó wà nínú ìwé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa tọ́pa lọ́nà yìí, títí kan ẹni tó ń nu ilẹ̀, ọlọ́kadà tó gbé aláìsàn wá, àti ọkọ rẹ̀. Ẹni tó bá rí 38 lórí tẹmómítà láàárín ọjọ́ 21 náà, kó má wá sí ọsibítù wá sọ ọ́. Kó jókòó sílé, kó fi fóònù pè, kí a lọ bá a níbẹ̀.